Táńkì Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Tí Omi Rẹ̀ Kì Í Dákẹ́: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Bọ́ọ̀lù Fáàfù

Ẹni tó bá jí fún àsùbáà, tó ṣí ẹ̀rọ omi láti ṣe àlùwàlá, tó wá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde, àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ilé kan tí a mọ̀ ní Ìbàdàn. Bàbá ilé náà bá àwọn ọmọ wí títí. Ìyá wọn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ìwẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ lálẹ́. Síbẹ̀, omi kò yéé tán. Kò sí ọmọ tó ṣẹ̀. Táńkì kékeré tó wà lẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni omi náà ń gbà lọ, tí ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní gbogbo òru láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Táńkì ńlá tó wà lórí òpó ní ilé wọn gba lítà 1,000. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ fa omi kún un, wọ́n máa ń lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó yá, kò pé ọjọ́ méjì mọ́. Wọ́n pe ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ omi, ó ní fọ́ọ̀ṣà ló bàjẹ́, wọ́n sì ra tuntun. Omi kò dákẹ́. Wọ́n pe ẹlòmíràn, ìyẹn pààrọ̀ bọ́ọ̀lù fáàfù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni omi fi dákẹ́, ariwo náà sì tún bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ, omi ṣì ń lọ. Nígbà tí a lọ síbẹ̀, a rí i pé ohun méjì ni wọn kò ṣe: wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ra nǹkan, wọn kò sì fọ inú páìpù kí wọ́n tó so tuntun mọ́ ọn. Ohun méjì yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé dáadáa, pẹ̀lú bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tó wà nínú táńkì náà

Tí ẹ bá ṣí ìdérí táńkì kékeré yẹn, ohun méjì pàtàkì ni ẹ ó rí. Ọ̀kan wà láàárín, òun ni fọ́ọ̀ṣà. Òun ló ń dí ihò ìsàlẹ̀ pa, tó sì máa ń ṣí i nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tàbí tí ẹ bá fa ọwọ́ rẹ̀, kí omi lè dà sínú àwo ìjókòó. Lára fọ́ọ̀ṣà yìí ni páìpù kan tó dúró ṣánṣán wà, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lókè. Páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ nìyẹn. Bí omi bá fẹ́ kún ju bó ṣe yẹ lọ, inú rẹ̀ ni yóò gbà lọ sínú àwo ìjókòó, kí ó má bàa ya sí ilẹ̀.

Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí omi ti ń wọlé. Òun ni bọ́ọ̀lù fáàfù. Ó ní ohun kan tó ń léfòó lórí omi. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà ní ìkángun ọ̀pá kan, ó sì lè jẹ́ ife rọ́bà tó ń gun ara páìpù náà lọ sókè. Bí omi ṣe ń kún, ohun tó ń léfòó yìí ń gòkè, ó sì ń ti wáṣà kékeré kan mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà wọlé. Nígbà tí omi bá dé ibi tó yẹ, wáṣà á dí ihò náà pátápátá, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́.

Tí wáṣà yẹn bá ti jẹ, tí iyanrìn bá há sí ẹnu ihò, tàbí tí bọ́ọ̀lù bá ti lu tí omi sì ti wọ inú rẹ̀, ihò náà kò ní dí tán. Omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, á dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, á sì máa ṣàn lọ sínú àwo ìjókòó. Torí pé kò ya sí ilẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rí i. Ìdí nìyí tí ó fi lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta kí ilé tó fura.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èwo ló bàjẹ́

Bí fọ́ọ̀ṣà bá bàjẹ́, omi á máa ṣàn sínú àwo. Bí bọ́ọ̀lù fáàfù bá bàjẹ́, omi á máa ṣàn sínú àwo bákan náà. Ẹni tó bá wo àwo ìjókòó nìkan kò lè mọ èwo nínú méjèèjì. Ibi tí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ti ṣì í nìyẹn.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò le. Ẹ ṣí ìdérí táńkì, kí ẹ gbé e sí ibi tí kò ti ní já bọ́, nítorí ó máa ń fọ́. Ẹ wo ibi tí omi dé. Tí omi bá dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ tó sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń tọ́ka sí bọ́ọ̀lù fáàfù. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri nísàlẹ̀ táńkì náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sítọ́ọ̀pù kọ́ọ̀kì. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí omi wà nínú táńkì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó.

Nígbà tí ẹ bá padà, tí omi bá ṣì wà lójú àmì náà, fọ́ọ̀ṣà ṣì dára. Ẹ má ra òmíràn. Bọ́ọ̀lù fáàfù ni kí ẹ dojú kọ. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti wálẹ̀ kúrò lójú àmì, fọ́ọ̀ṣà ni kò dí ihò ìsàlẹ̀ dáadáa, bọ́ọ̀lù fáàfù tuntun kò sì ní yanjú rẹ̀. Ní ilé tí a ń sọ yìí, omi kò kúrò lójú àmì rárá.

Kí a lè mọ bí òfò náà ṣe tó, a mú ìgò rọ́bà tó gba ìdajì lítà, tí omi inú rẹ̀ bá ti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan mu. A ṣí sítọ́ọ̀pù kọ́ọ̀kì padà, a dúró títí omi fi dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, a wá bu omi ìgò kan kúrò nínú táńkì. Bí a ti ń bù ú, ẹnì kan fi ọwọ́ di bọ́ọ̀lù mú ní ibi tó wà gan-an nígbà tí omi kún, láìtì í sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní fáàfù náà dára ni, omi kò ní wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó sì gba ìṣẹ́jú méjì kí omi tó padà dé ẹnu páìpù.

Ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú méjì túmọ̀ sí lítà 15 ní wákàtí kan. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí, lítà 105 ti lọ. Láàárín ọ̀sán àti òru kan, ó jẹ́ lítà 360. Ilé náà fúnra rẹ̀ ń lo nǹkan bíi lítà 250 lójúmọ́. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, ó di lítà 610. Ìdí nìyẹn tí lítà 1,000 kò fi lè pé ọjọ́ méjì. Omi tí kò sí ẹni tó lò pọ̀ ju èyí tí gbogbo ilé lò lọ.

Ohun tí ẹ ó rà

Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ mi bọ́ọ̀lù náà wò. Tí ẹ bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, ó ti lu, òun nìkan sì lè ṣeé pààrọ̀ tí ó bá jẹ́ irú èyí tó wà lórí ọ̀pá. Tí bọ́ọ̀lù kò bá lu, tí kò fara gbún ògiri táńkì, tí omi kò sì dákẹ́, fáàfù ni kí ẹ pààrọ̀ lódindi.

Ẹ wo ibi tí omi ti ń wọ táńkì. Ti àwọn kan máa ń wọlé láti ìsàlẹ̀, ti àwọn mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ lókè. Fáàfù ti ìsàlẹ̀ kò ṣeé lò fún ti ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n tíréèdì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdajì íǹṣì. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ tú ògbólógbòó náà kí ẹ sì mú un dání lọ sí ọjà, kí ẹ fi wé tuntun: gígùn rẹ̀, tíréèdì rẹ̀, àti ibi tí ó ti ń wọlé.

Ẹ tún sọ fún ẹni tó ń tà á bóyá omi yín ń wá láti táńkì orí òpó tàbí láti ẹ̀rọ tó ń fi agbára tì í. Omi láti orí òpó kò ní agbára púpọ̀. Fáàfù tí wọ́n ṣe fún omi alágbára, ihò rẹ̀ máa ń kéré, táńkì á sì pẹ́ gan-an kó tó kún. Bí ó bá sì jẹ́ omi alágbára ni ẹ ní, fáàfù tí wọ́n ṣe fún omi tí kò lágbára lè máà lè tì í dúró.

Pẹ̀lú fáàfù náà, ẹ nílò sípánà tí ẹnu rẹ̀ ṣeé fẹ̀ tí ó sì ṣeé dín kù, báàkẹ́ẹ̀tì kan, àkísà tàbí kànrìnkàn, àti wáṣà rọ́bà tuntun kan fún kọ̀nẹ́kítọ̀, ìyẹn rọ́bà tó so páìpù ara ògiri mọ́ táńkì.

Bí ẹ ó ṣe tú ògbólógbòó

Ẹ ti sítọ́ọ̀pù kọ́ọ̀kì, kí ẹ sì fọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Tí ẹ bá ṣì gbọ́ omi tó ń wọlé, ó ti bàjẹ́, kò dí. Nígbà náà, ẹ lọ ti ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ táńkì ńlá. Tí ìyẹn náà kò bá dí, ẹ má tú ohunkóhun, ẹ pe púlọ́ńbà. Bákan náà ni tí páìpù ara ògiri bá jẹ́ irin tó ti dípẹtà. Bí ẹ bá fi agbára yí i, ó lè kán sínú ògiri, iṣẹ́ kékeré á sì di iṣẹ́ fífọ́ ilé.

Lẹ́yìn tí omi bá ti lọ, díẹ̀ á ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ táńkì. Ẹ fi kànrìnkàn fà á sínú báàkẹ́ẹ̀tì títí yóò fi gbẹ. Ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ kọ̀nẹ́kítọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di fáàfù mú nínú táńkì kí ó má bàa yí, kí ẹ sì fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kọ̀nẹ́kítọ̀ náà ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ọ̀tì kejì, tó fẹ̀ díẹ̀, tó di fáàfù mọ́ ara táńkì. Ẹ tú ìyẹn náà, kí ẹ sì fa fáàfù jáde láti òkè. Ẹ fi àkísà nu etí ihò náà nínú àti níta kí ìdọ̀tí àti wáṣà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ fọ páìpù kí ẹ tó so tuntun

Ibi yìí ni ẹni kejì tí wọ́n pè ní ilé yẹn ti fi nǹkan sílẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ sábà máa ń gbé iyanrìn kíkúnná dání, ó máa ń fara balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì ńlá àti sínú páìpù. Nígbà tí ẹ bá ti omi tí ẹ sì tún ṣí i, iyanrìn yẹn á dìde, á sì lọ tààrà sínú fáàfù tuntun. Ẹyọ iyanrìn kan tó há sábẹ́ wáṣà ti tó láti má jẹ́ kí ó dí.

Nítorí náà, ẹ kọ ẹnu kọ̀nẹ́kítọ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí sítọ́ọ̀pù kọ́ọ̀kì títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìdajì báàkẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ wá tì í. Ẹ wo ìsàlẹ̀ báàkẹ́ẹ̀tì. Ní ilé tí a lọ, iyanrìn pupa tó tó ẹ̀kún ṣíbí ló jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ da omi náà nù sínú àwo ìjókòó, kí ẹ tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́.

Bí ẹ ó ṣe so tuntun

Fáàfù tuntun máa ń ní wáṣà rọ́bà ńlá kan. Inú táńkì ni wáṣà yẹn gbọ́dọ̀ wà, láàárín fáàfù àti ilẹ̀ táńkì, kì í ṣe níta. Ẹ ki fáàfù bọ ihò náà láti òkè, kí ẹ sì yí i títí ohun tó ń léfòó kò fi ní fara kan ògiri táńkì tàbí fọ́ọ̀ṣà. Ẹ fi ọwọ́ gbé e sókè kí ẹ sì sọ ọ́ sílẹ̀ wò. Ó gbọ́dọ̀ lọ, kó sì bọ̀, láìgbún ohunkóhun.

Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ títí tí yóò fi le, kí ẹ wá fi sípánà fún un ní ìdá mẹ́rin àyípo kan, kí ẹ dúró níbẹ̀. Wáṣà rọ́bà ló ń di omi, agbára apá kọ́. Ẹni tó bá fún un jù lè sán táńkì náà, nítorí amọ̀ tí wọ́n sun ni, ó sì lè ba tíréèdì rọ́bà fáàfù jẹ́.

Ẹ fi wáṣà tuntun sínú nọ́ọ̀tì kọ̀nẹ́kítọ̀, kí ẹ sì dè é mọ́ ìsàlẹ̀ fáàfù lọ́nà kan náà. Kò sí ìdí láti wé téèpù funfun sí tíréèdì níbi tí wáṣà rọ́bà bá ti wà. Tí fáàfù yín bá ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń da omi sínú páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ fi ohun ìdè rẹ̀ dè é mọ́ ẹnu páìpù náà. Ẹ má ti rọ́bà náà wọ inú páìpù lọ jìnnà, torí ó lè máa fa omi táńkì lọ láìdáwọ́ dúró, ẹ ó sì rò pé fáàfù tuntun ti bàjẹ́.

Ẹ wá ṣí omi díẹ̀díẹ̀. Bí táńkì ṣe ń kún, ẹ wo ibi tí yóò dúró sí. Ó yẹ kí omi dúró ní nǹkan bí íǹṣì kan sí ìsàlẹ̀ ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀. Tí ó bá ga jù, ẹ yí ìdè kékeré tàbí bọ́ọ̀tì tó wà lára ohun tó ń léfòó kí ó lè wálẹ̀. Tí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù orí ọ̀pá irin, ẹ rọra tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀.

Tí ó bá kọ̀

Tí omi bá ń kán lábẹ́ táńkì, ẹ fi ìwé ìnuwọ́ gbígbẹ nu nọ́ọ̀tì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó ń tutù. Ẹ fún un díẹ̀ sí i. Tí kò bá dá, ẹ ti omi, kí ẹ tú u, kí ẹ wò ó bóyá wáṣà ti ká tàbí ìdọ̀tí wà lábẹ́ rẹ̀.

Tí ohùn wíṣíwíṣí bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má sáré ra òmíràn. Ẹ ti omi, kí ẹ ṣí ìdérí orí fáàfù, kí ẹ yọ wáṣà rẹ̀, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì dá a padà bó ṣe wà. Èyí gan-an ni a ṣe ní ilé Ìbàdàn yẹn. Fáàfù tí ẹni kejì so kò bàjẹ́ rárá. A tú u, a rí iyanrìn mélòó kan lábẹ́ wáṣà rẹ̀, a fọ̀ ọ́, a fọ páìpù, a sì so ó padà. Kò ná wọn ju owó wáṣà kọ̀nẹ́kítọ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n kàn máa ń ti sítọ́ọ̀pù kọ́ọ̀kì, tí wọ́n á sì máa ṣí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó dára fún alẹ́ kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ẹ̀rọ yẹn fún títì àti ṣíṣí lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ, ẹ kò ní ohun tí ẹ ó fi dá omi dúró mọ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a parí iṣẹ́ náà, a fi pẹ́ńsù sàmì sí inú táńkì kékeré, a sì sọ fún ìyá ilé pé kí ó wò ó kí ẹnikẹ́ni tó lò ó láàárọ̀. Nígbà tó jí fún àsùbáà, omi ṣì wà lójú àmì, àwo ìjókòó sì gbẹ lẹ́yìn. Táńkì lítà 1,000 náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tó wọn fún ọjọ́ mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọn kò ti ilé ìwẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, bàbá ilé sì pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú.